Owó orí onípele nínú fọ́múlà kan ṣoṣo

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣírò owó oṣù ní Àbújá níbí, ẹ fi IF tó ń wọnú IF sílẹ̀. Fún òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2026, ẹ kọ ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí E2 dé E6: 800000, 3000000, 12000000, 25000000, 50000000. Ní F2 dé F6, àlékún lórí ìpele ìṣáájú nìkan lẹ máa kọ: 15%, 3%, 3%, 2%, 2%.

```
=SUMPRODUCT((B2>$E$2:$E$6)*(B2-$E$2:$E$6)*$F$2:$F$6)
```

B2 ni owó ọdún kan (kì í ṣe ti oṣù o!) lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ owó ìfẹ̀yìntì àtàwọn ìyọkúrò yòókù.

Ká ní ó jẹ́ ₦5,000,000. Èyí tó lé lórí 800,000 jẹ́ 4,200,000. 15% rẹ̀ jẹ́ 630,000. Èyí tó lé lórí mílíọ̀nù mẹ́ta jẹ́ mílíọ̀nù méjì. 3% rẹ̀ jẹ́ 60,000. Àpapọ̀ di ₦690,000. Bẹ́ ẹ bá rí 990,000, 18% lẹ kọ síbi 3%. Èmi náà ṣe é rí. Ẹ ro F2 dé F6 pọ̀: 25% ló gbọ́dọ̀ jẹ́.