Má Tọ́ Kápúsù Ìwádìí Wò: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Pìlàsíbò

Bí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn tuntun wò, wọ́n á fún àwọn kan ní oògùn náà gan-an, wọ́n á fún àwọn yòókù ní pìlàsíbò, ìyẹn kápúsù tí ó jọ tòótọ́ lójú ṣùgbọ́n tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe ń pín wọn. Aláìsàn kì í mọ èyí tí ó bọ́ sí òun lọ́wọ́, dókítà rẹ̀ náà kì í sábà mọ̀.

Má pè é ní ayédèrú oògùn. Ẹni tó ń ta ayédèrú kì í sọ fún ọ. Nínú ìwádìí tó bófin mu, wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ kí o tó buwọ́ lùwé pé ó lè jẹ́ pìlàsíbò ló máa kàn ọ́. Bí àìsàn náà bá sì ti ní ìtọ́jú tó dájú, gbogbo wọn ló sábà máa ń gba ìtọ́jú yẹn, wọ́n á wá fi oògùn tuntun tàbí pìlàsíbò lé e.

Má sì sọ pé “mo lò ó, ara mi yá” ti tó. Ọ̀fìnkìn á lọ fúnra rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, oògùn wà tàbí kò sí. Ìrètí nìkan sì lè mú kí ara fúyẹ́. Àwọn tó gba pìlàsíbò ló ń fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe rí láìsí oògùn.

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí èèyàn máa wá ọ̀nà láti mọ èyí tí wọ́n fún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí dán fítámìnì Sí wò fún ọ̀fìnkìn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ ni àwọn 311 tó yọ̀ǹda ara wọn, ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù ẹ̀! Gíráàmù 3 lójúmọ́ ni ti fítámìnì. Ṣúgà inú wàrà ló wà nínú pìlàsíbò. Fítámìnì Sí máa ń kan lẹ́nu, ṣúgà kì í kan. Ọ̀pọ̀ wọn bá tú kápúsù, wọ́n tọ́ ọ wò. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọ̀rọ̀, ó dà bíi pé fítámìnì dín ọjọ́ ọ̀fìnkìn kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń lò, ìyàtọ̀ yẹn pòórá.

Bákan náà, má káàánú àwọn tí pìlàsíbò kàn kí àbájáde tó dé. Lẹ́yìn àìsàn ọkàn òjijì, ọkàn àwọn míì máa ń lù ségesège. Oògùn ẹnkenáìdì àti flẹkenáìdì máa ń pa ìlù ségesège náà rẹ́ dáadáa, nítorí náà, ṣáájú 1989, àwọn dókítà ń kọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé á gba ẹ̀mí là. Ìwádìí Amẹ́ríkà kan tí wọ́n dá dúró ní 1989 wo ènìyàn 1,498. Nínú 755 tó gba oògùn, 63 kú. Nínú 743 tó gba pìlàsíbò, 26 ló kú.