Bí Mo Ṣe Mú Àmì Dúdú Kúrò Lójú Àjà Balùwẹ̀ Wa ní Bódìjà

Ohun tí ó máa ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá ti bu, ìbátan rẹ̀ gan-an ni ó ń hù lójú àjà balùwẹ̀. Ohun méjì ni ó ń wá kí ó tó lè gbèrú: ohun tí yóò jẹ, àti omi. Eruku, ìdọ̀tí ọṣẹ àti ọ̀dà tí a fi kun àjà tó o jẹ, kò sì sí bí a ṣe lè gba ìwọ̀nyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Omi nìkan ni ó kù tí a lè gbà. Nítorí náà ni kò fi yà mí lẹ́nu pé ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi bo àmì dúdú inú balùwẹ̀ wa ní ọdún tí ó kọjá kò pẹ́ rárá tí àmì náà fi tún yọ sókè, tí ọ̀dà ọ̀hún sì ń bó bí awọ. Akunlé tí a tún pè lọ́dún yìí wo òkè, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, tí mo bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò ní rí i mọ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá.

Ọ̀nà méjì ni omi lè gbà dé ojú àjà. Ó lè jẹ́ òjò tàbí omi táńkì tí ó ń jò láti òkè, ó sì lè jẹ́ ooru omi gbígbóná tí a fi ń wẹ̀, tí ó gòkè, tí ó sì di omi nígbà tí ó kan ibi tútù. Èyí tí ó ń jò sábà máa ń fi àmì rẹ̀ hàn: ó máa ń ní òrùka aláwọ̀ igi yíká, ibì kan ṣoṣo ni ó sì máa ń pọ̀ sí. Tiwa jẹ́ ẹ̀kán-ẹ̀kán kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri, tí ó sì pọ̀ jù ní igun tí ó jìnnà sí fèrèsé. Síbẹ̀, mo fẹ́ rí ẹ̀rí. Mo gé náílọ́ọ̀nù kan tí ó mọ́ gaara, tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo nu ibì kan lójú àjà títí ó fi gbẹ dáadáa, mo sì fi téèpù lẹ gbogbo etí náílọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn. A ń wẹ̀ bí a ṣe ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀, òjò sì rọ̀ láàárín ìgbà náà. Bí omi bá kó sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, ìyẹn láàárín òun àti àjà, òkè ni ó ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ ojú tí ó kọ sí wa ni ó tutù, inú balùwẹ̀ ni. Ojú tí ó kọ sí wa ni ìkán omi wà, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ táútáú. Káfíńtà tún ṣí páànù kan lẹ́yìn òjò, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú òrùlé, ó sì rí i pé igi òkè gbẹ.

Ìdí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Páànù ni òrùlé wa, kò sì sí ohunkóhun láàárín òun àti àjà ju afẹ́fẹ́ lọ. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, páànù máa ń tutù kíákíá, nígbà tí yóò bá sì fi di ìdájí, àjà náà ti tutù pẹ̀lú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni gbogbo ilé máa ń gbé omi gbígbóná wọ balùwẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì, kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé-ìwé. Ooru náà gòkè, ó sì di omi. Èyí kò ní burú tí ó bá tètè gbẹ, nítorí pé ibi tí ó bá tutù tí ó sì gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì kì í sábà bu. Tiwa kì í gbẹ kí omi ìwẹ̀ alẹ́ tó tún dé.

Mo wá yẹ fèrèsé wò. Lúfà rẹ̀ ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ó wà níta rẹ̀ ti kún fún eruku àti ìhùùhù aṣọ débi pé mo gbé ègé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí iwájú rẹ̀, kò mì. Mo tú nẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, bébà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí pé fèrèsé náà kò ga dé òkè, ooru tí ó sì ti gbá jọ sábẹ́ àjà kò rí ọ̀nà jáde. Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n gbé fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ sójú àjà. N kò gbà, fún ìdí méjì. Èkíní ni pé inú òrùlé ni irú fáànù bẹ́ẹ̀ yóò tú ooru náà sí tí a kò bá fi páìpù gbé e jáde síta, igi òkè ni yóò sì wá máa bu. Èkejì ni ó lágbára jù: pákó asibẹ́tọ́ọ̀sì ni àjà wa, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ìlú Ìbàdàn. Ohun tí ó wà nínú pákó náà kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi bí ó bá wà ní odindi tí ọ̀dà sì bò ó, ṣùgbọ́n bí a bá lu ihò sí i, tí a rẹ́ ẹ, tàbí tí a fi sáńpépà gbígbẹ ha á, eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹni tí kò bá mọ irú pákó tí ó wà lókè rẹ̀ nínú ilé àtijọ́, kí ó ṣe bí ẹni pé asibẹ́tọ́ọ̀sì ni.

Bíríkìlà ló bá wa yanjú rẹ̀. Ó lu ihò sára ògiri tí ó kọ síta, ní ìsàlẹ̀ àjà díẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù oníhò dí i, a sì ta nẹ́ẹ̀tì sí i. Káfíńtà náà gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ díẹ̀, tó ìwọ̀n ìka kan, nítorí pé afẹ́fẹ́ kò lè jáde lókè bí òmíràn kò bá rọ́nà wọlé nísàlẹ̀. Kò sí èyí tí ó ń dúró de iná mànàmáná nínú gbogbo rẹ̀, mo sì ka ìyẹn sí àǹfààní ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó dé orí fífọ̀. Gbogbo ibi tí ó bu kò tó mítà kan ní gígùn àti ní ìbú. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni. Àbúrò mi tí ó ní ikọ́ fée lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wa ní ọjọ́ náà. Mo pa iná balùwẹ̀ láti ibi mítà, mo ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, mo kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì eyín àti aṣọ ìnura jáde. Mo wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú tí ó fún mọ́ imú dáadáa, àti gíláàsì tí ó bo ojú yíká, nítorí pé omi tí a fi ń nu òkè kò ní ibòmíràn tí yóò kán sí ju ojú ẹni lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi òwú kán omi bulíìṣì kan sí àmì kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ṣí. Èéfín àtùpà tàbí ìdọ̀tí lásán kì í ṣí bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé bíbu ni. Mo kọ́kọ́ fi kànrìnkàn rírọ̀ àti omi ọṣẹ nu gbogbo àjà náà, kì í ṣe ibi dúdú nìkan, nítorí pé ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára bulíìṣì kí ó tó dé ibi tí a rán an. Èmi kì í fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a: ńṣe ni ìyẹn ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ibi tí ọ̀dà ti ń bó, mo rin ín gbingbin, mo sì fi ike pẹlẹbẹ gbé èyí tí ó ti yọ fúnra rẹ̀ nìkan, mo kó o sínú náílọ́ọ̀nù, mo so ó pa.

Nígbà tí mo ti fi omi lásán nu ọṣẹ kúrò, mo po bulíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun, 250 mililítà sínú omi tútù lítà 4. Omi gbígbóná máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. N kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da omi oníásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì da fínígà tàbí ohunkóhun tí ó ní amóníà mọ́ ọn, nítorí pé èéfín tí yóò jáde lè pa ènìyàn nínú yàrá tóóró bẹ́ẹ̀. Kànrìnkàn tí mo fún dáadáa ni mo fi pa á sí òkè. N kò fọ́n ọn, kí a má baà fà á símú. Mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, mo jókòó síta, lẹ́yìn náà ni mo fi omi mímọ́ nù ún kúrò.

Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo oríkèé pákó fún mi ní wàhálà díẹ̀. Bulíìṣì kì í wọ inú igi jìnnà; ó lè sọ ojú rẹ̀ di funfun kí ohun tí ó bu sì wà láàyè nínú. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ti jẹrà, ó le, nítorí náà a kò pààrọ̀ rẹ̀. Gbígbẹ ni oògùn tirẹ̀. A kò wẹ̀ nínú balùwẹ̀ náà títí àjà àti igi fi gbẹ pátápátá, àwọn aládùúgbò wa sì yá wa ní tiwọn.

Akunlé padà wá, inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn pé ojú iṣẹ́ ti kéré. Ó fi ọ̀dà olóróró funfun sí ibi tí àmì ti wà àti sára igi, kí àbàwọ́n tí ó kù má baà yọ jáde, ó sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀dà sátínì tí a kọ sí ara agolo rẹ̀ pé ó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ó bu, kun gbogbo àjà lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn inú ọ̀dà náà máa ń tán bí ọdún ṣe ń lọ, kò sì lè borí àjà tí kì í gbẹ. Ohun tí mo fẹ́ lára sátínì ni pé a lè nù ún láìjẹ́ pé ó bó.

Bí mo ṣe ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyí: ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá ti wẹ̀, mo máa ń fi tíṣù tẹ igun tí ó burú jù. Ó ń jáde ní gbígbẹ, àyàfi ní oṣù kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, tí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ tutù. Nígbà náà, a máa ń fi ìfalẹ̀ omi onírọ́bà tí ó ní ọ̀pá gígùn fa omi kúrò lójú àjà lẹ́yìn ìwẹ̀ òwúrọ̀. Oṣooṣù ni mo ń fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àti ti búlọ́ọ̀kù.