Ìrora tó ń ta láti ìdí dé ẹsẹ̀: ẹ má pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ kòkó kan ládùúgbò wa lásìkò ìkórè tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ Ajé, baba náà gbé àpò kòkó gbígbẹ kan tó ju 60 kílò lọ láti ilẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní ohun kan já pàù níbàdí òun. Kó tó di alẹ́, ìrora ti ń ta bí iná láti ìdí apá ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn itan kọjá orúnkún, ó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n po àgbo fún un. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ẹsẹ̀ òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, gbogbo ìdí rẹ̀ kú, kò sì lè tọ̀. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí náà ló le sí i, wọ́n tún po àgbo tó le ju ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó gbé e wá sílé ìwòsàn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n kì bọ ojú ara rẹ̀ ló fi ń tọ̀ títí di òní.

Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ríro, ìdí wíwúwo, ìgbẹ́ tí kò jáde: gbogbo rẹ̀ la máa ń kó sínú àpò jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí kì í ta kọjá orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, ohun rírọ̀ kan wà tó dà bíi tìmùtìmù. Tí ẹ bá tẹ̀ba tí ẹ sì fi ìbàdí fa ẹrù, ó lè yọ gọnbu sẹ́yìn kó tẹ gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Òun ni iṣan ìmọ̀lára tó nípọn jù lọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtàǹpàkò. Ìbàdí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ló ń ké. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú. Bí ẹ bá wúkọ́ tàbí sín, á ta gìrì; bí ẹ bá jókòó pẹ́, á le sí i; nígbà mìíràn á dà bíi pé èèrà ń rìn lẹ́sẹ̀ yín.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ni, tí ẹ ń tọ̀ dáadáa, tí ẹsẹ̀ sì lágbára, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ á fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ má dùbúlẹ̀ ju ọjọ́ 1 tàbí 2 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rìn yípo ilé fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́, kódà bó bá ń ro yín díẹ̀. Ẹ má jókòó ju 20 ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì fi àpótí kúkurú tí ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ná, àga gíga ni kí ẹ lò. Lálẹ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn kí ẹ sì ki ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì. Ẹ lè rọ omi gbígbóná sínú ike, kí ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí ẹ gbé e lé ìbàdí fún ìṣẹ́jú 15. Ibi tó bá ti kú tí kì í mọ nǹkan lára, ẹ má gbé e síbẹ̀, nítorí yóò bó yín kí ẹ tó mọ̀. Kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ gun yín lẹ́yìn láti tẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ èyí títí ó sú mi.

Ní ti oògùn, aiburufíìnì 400 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kó má ju ọ̀sẹ̀ 1 lọ. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aláboyún, kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọtí tàbí àgbo ọlọ́tí gbé e mì. Oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré ńkọ́? Ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó ń tà á náà lè má mọ̀. Àti abẹ́rẹ́ ìdí ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì: iṣan ìmọ̀lára tí à ń sọ yìí gan-an ló gba inú ìdí kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà bà á, ẹsẹ̀ lè rọ pátápátá.

Ìbéèrè mẹ́rin wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bi aláìsàn láràárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ má tijú. Tó bá ń ṣan ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé ó mọ̀ pé omi àti ọwọ́ òun ń kan ara? Ṣé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ṣé ó sì ń jáde bí ti tẹ́lẹ̀, àbí ó ń kán tótó láìmọ̀, àbí ìgbẹ́ ń yọ́ jáde fúnra rẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ kejì ti ń ta tàbí kú? Ṣé ó lè fi gìgísẹ̀ rìn ìgbésẹ̀ 10, àbí sílípáàsì ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀? Bí ọkùnrin bá sọ pé nǹkan ọmọkùnrin òun kò dìde mọ́ látìgbà tí ìdí ti kú, ó wà lára rẹ̀. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá burú, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ, kódà bó jẹ́ òru. Iṣan tó ń ṣàkóso ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ láàárín ọjọ́ 1 sí 2 ló sì dára jù. Ibà, ara tó ń rù, ikọ́ tó ti pẹ́, ìrora tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn rárá, tàbí ẹni tó ṣubú látorí igi: ìyẹn náà kì í ṣe ti ilé.

Ìtura èké kan wà níbí. Ní ilé ìlera kékeré ti ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n lè ki rọ́bà bọ ojú ara, kí ìtọ̀ kún àpò kan, kí baba rẹ́rìn-ín, kí gbogbo yín sì padà sílé. Rọ́bà ti gba àpòòtọ̀ là, kò gba iṣan. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà iṣan tàbí eegun ẹ̀yìn lọ, bíi ti yunifásítì n'Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, tàbí ti eegun ní Igbóbì l'Ékòó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àpò kòkó. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín ni pé ìdí rẹ̀ ti kú, kò sì lè tọ̀, kí ẹ sọ wákàtí tó tọ̀ gbẹ̀yìn, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn àti ìgò àgbo tó ti mu sórí tábìlì.