Pọ́íǹtì tó sọnù ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ́fíìsì wa máa ń sanwó fún àwọn tó ń tajà fún wa àti àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo ínfọ́ìsì ọ̀sẹ̀ náà á ti gba inú sikánà kọjá, kọ̀ǹpútà á sì ti ka iye owó orí wọn sínú àtòjọ kan. Èmi ni mo máa ń yẹ àtòjọ náà wò kí ó tó lọ sí báńkì.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gba ìwé lẹ́nu ọ̀nà ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń fi bírò kọ iye owó ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan sí bó ṣe ń dé. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nítorí ìwé yẹn, èmi gan-an wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpapọ̀ owó inú ìwé wọn jẹ́ 86,412.30. Ti kọ̀ǹpútà jẹ́ 143,758.05. Ínfọ́ìsì 64 ló wà lọ́dọ̀ méjèèjì, ìyẹn ni pé kò jọ pé ọ̀kan sọnù tàbí pé a ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Owó ló wú.

Mo yọ èyí tó kéré kúrò lára èyí tó pọ̀, ó ku 57,345.75. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rántí ọgbọ́n kan tí àwọn akáǹtì àgbà máa ń lò. Bí nọ́ńbà méjì bá wà lẹ́yìn pọ́íǹtì, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí pọ́íǹtì náà, owó á di ìlọ́po 100. Owó tó tọ́ wà nínú ìlọ́po 100 yẹn, nítorí náà àlékún rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 99. Fi 99 pín ìyàtọ̀ náà, wàá bá owó gangan. Bó bá jẹ́ ipò kan péré ni pọ́íǹtì fi sún, 9 ni wàá fi pín in, ṣùgbọ́n 9 kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó kọ 63 dípò 36 náà á bá ìyàtọ̀ tí 9 lè pín.

Mo fi 99 pín 57,345.75. Ó pín tán geere: 579.25. Inú mi dùn. Mo wá 579.25 nínú ìwé ẹ̀gbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Mo jókòó wò ó títí kó tó yé mi. Bí pọ́íǹtì bá sọnù lára ínfọ́ìsì méjì, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni 99 máa fún mi. Mo wá ẹni tó mú ju ẹyọ kan wá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe mú méjì wá, 462.00 fún iṣẹ́ àti 117.25 fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ẹ ro wọ́n pọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti di 46200 àti 11725.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kọ̀ǹpútà kò kìlọ̀ rárá. Ó máa ń fi iye wákàtí lọ́po owó wákàtí kan, kó wò ó bóyá ó bá àpapọ̀ mu. Lórí ìwé, wákàtí 12 ní 38.50 jẹ́ 462.00. Kọ̀ǹpútà ka 12 ní 3850, ó bá 46200. Ìṣirò náà pé! Pọ́íǹtì ti sọnù lára gbogbo iye tó wà lójú ìwé náà, gbogbo wọn sì jọ wú pọ̀. Àwọn nọ́ńbà náà hàn ketekete, kò sí èyí tó máa ṣiyèméjì lé lórí. Ohun tí kò rí kò lè kọ ọ́ lóminú. Iṣẹ́ àtúnṣe kì í sì í ní ìwé ìbéèrè ọjà tí a lè fi wé e, bí ti àwọn tó ń tajà fún wa.

Mo gbé ìwé fúnra rẹ̀ sójú iná. Íǹkì rẹ̀ ti ṣá, àwọn pọ́íǹtì rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo lọ wo sikánà, wọ́n ti gbé e sí 200 dpi, ìyẹn àmì tín-ín-tín 200 lórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti tan `Despeckle`, ètò tó ń pa ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ rẹ́ kúrò lójú àwòrán. Ní 200 dpi, pọ́íǹtì lẹ́tà kékeré kò fẹ̀ ju píksẹ́lì méjì sí mẹ́ta lọ. Lójú ètò yẹn, ìdọ̀tí ni. Mo pa á, mo gbé sikánà sí 300, mo tún ìwé méjèèjì kà. Pọ́íǹtì jáde.

Èmi kọ́ ló tún owó náà ṣe nínú àtòjọ o. Mo kó ìwé, àkọsílẹ̀ àti ìṣirò mi lọ bá ọ̀gá, àwọn ló fọwọ́ sí àtúnṣe náà. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé ó dá ọ lójú pé méjì péré ni?” Mo ní kí wọ́n wo àpapọ̀: 86,412.30, kọ́bọ̀ kan kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n.