Aṣọ Inú Kóòtù Ló Ń Sè Mí: Ìrírí Mi ní Àjàṣẹ́

Sẹ́fà 65,000 ni mo san lórí kóòtù àti ṣòkòtò tó dójú tì mí lóṣù kẹta ọdún tó kọjá. Ẹni tó tà á fún mi búra pé irun àgùntàn gidi ni. Àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ni, ó sì bá mi mu dáadáa nínú dígí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn àlejò wá láti Kútọnu, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka ìròyìn iṣẹ́ wa fún wọn. Orí sẹmíjàn tó ń gbé mi lọ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. A débẹ̀, iná lọ, fáànù dúró. Kí n tó ka ojú ìwé kejì tán, òógùn ti ya máàpù sí abẹ́ apá mi méjèèjì, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a parí, ọ̀gá mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé òjò ti rọ̀ lápá ọ̀dọ̀ tiyín ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí mi ń gbóná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa fọ́nrán mẹ́ta yọ níbi tí wọ́n ti ká etí ṣòkòtò sínú, mo fi irin tín-ín-rín mú un lórí abọ́ omi, mo ṣáná sí i. Irun àgùntàn, bí iná bá kàn án, òórùn irun orí tó jóná ló máa ń rùn, eérú rẹ̀ á sì fọ́ tí èèyàn bá fi ìka rà á. Òwú máa ń rùn bí ìwé tó ń jó. Tèmi kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó yọ́, ó kán sínú omi, ó sì di kóró dúdú líle kan tí èékánná kò ràn. Pọlísítà pọ́ńbélé. Pọlísítà kì í mu omi. Ohun tí ara bá sun jáde, ààrin awọ àti aṣọ ló máa wà títí yóò fi rí ibi gbà. A wà ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kó òwú rẹpẹtẹ ní Bànìkoárá, èmi wá lọ fi owó mi ra ọ̀rá wọ̀.

Ìyàwó mi ní kí n rán línẹ́nì. Mo ti ní ṣòkòtò línẹ́nì kan rí: ó fẹ́ lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ilé dé ibi iṣẹ́, ó ti rún bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà. Kò yẹ ẹni tó fẹ́ dúró níwájú àlejò. Aṣọ àdàlù ni mo wá lọ wá ní ọjà Wándò, èyí tí irun àgùntàn jẹ́ 45 nínú ọgọ́rùn-ún, tí pọlísítà sì jẹ́ 55. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo tún ra ohun tí pọlísítà wà nínú rẹ̀. Irun àgùntàn ló ń fa òógùn mu, pọlísítà ló ń jẹ́ kí ojú áyọ́ọ̀nù dúró, kí aṣọ má sì rún. Ohun mìíràn tó tún ya èyí sọ́tọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe hun ún: fọ́nrán kan lókè, fọ́nrán kan nísàlẹ̀, ààrin wọn sì ṣí díẹ̀.

Mi ò tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo gbé aṣọ náà sókè sí ojú ọ̀run, mo rí ìmọ́lẹ̀ wínníwínní láàárín rẹ̀. Mo fi lé ẹnu, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọwọ́ mi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́ atẹ́gùn náà. Mítà 3.25 ni mo rà, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150, ìyẹn ló tó kóòtù àti ṣòkòtò fún ẹni bíi tèmi. Mo tún lọ bẹ ìyá tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí kó jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó ní, "Ọmọ mi, ẹja wo lẹ fẹ́ fi aṣọ yìí dì?" Gíráàmù 810 ló wọ̀n, bíi 250 fún mítà kan. Èyí tó bá ti wọ 350 sókè fún mítà kan, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí òtútù ń mú. Àwọ̀ búlúù tó ṣú ni mo mú, nítorí pé kò sí àwọ̀ tó ń fi òógùn hàn tó eérú fẹ́ẹ́rẹ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ló ń ránṣọ fún mi, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó wọn ara mi, mo san 25,000, mo sì sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé aṣọ fífẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, àbúrò." Ọ̀sẹ̀ kan tó dá fún mi di mẹ́ta, torí pé aṣọ ẹbí ìnáwó kan ti kún ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé àjà. Ọjọ́ tí mo gbà á, mo wọ̀ ọ́ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ délé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ̀yìn mi sì ti rin gbindin. Aṣọ tí mo fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá ní ọjà! Mo bọ́ ọ, mo yí i sódì. Láti èjìká dé ìdí, láti ọwọ́ ọ̀tún dé òsì, ó ti fi aṣọ dídán yinrin kan tẹ́ gbogbo inú rẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó padà sí mi lójú. Mo sun etí rẹ̀ kan: kóró dúdú. Pọlísítà tí mo sá fún níta, ó ti bá mi wọlé.

Mo padà lọ bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tú aṣọ inú yìí." Ó ní rárá. Ó ní kóòtù tí kò ní aṣọ inú, ìdajì iṣẹ́ ni, pé tí ẹnikẹ́ni bá rí inú rẹ̀, òun ni wọ́n máa bú. Mo ṣàlàyé, ó ń mi orí. Mo bínú, ó ń mi orí náà ni. Nígbà tó sú mi, mo ní kó tú ẹ̀yìn nìkan, kí n wò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Gbogbo etí ibi tó ti rán an ṣì ń já wálẹ̀, fọ́nrán ń yọ bí irùngbọ̀n ewúrẹ́. Aṣọ inú ló bo àṣírí rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ó di dandan kí wọ́n fi ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé ní ìdábùú di etí kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ́ ní inú bó ṣe mọ́ níta. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ààbọ̀ ni. Àṣé kóòtù tí aṣọ inú rẹ̀ kéré ló nira ju èyí tí aṣọ inú rẹ̀ pé lọ! Èmi rò pé owó rẹ̀ yẹ kó dín. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó máa fi ìtìjú bojú. Ìyẹn ló ń bí mi nínú títí di òní.

A fẹnu kò sí 12,000 mìíràn. Aṣọ inú wà ní èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé eegun ẹ̀yìn òkè nìkan, nítorí ibẹ̀ ni kóòtù ti máa ń gùn mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú ọwọ́ náà, kí apá lè yọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n fisikósì ni mo rà fún un, èyí tí wọ́n ń fi igi ṣe, tó ń mu omi. Ìyókù ẹ̀yìn wà ní ìhòhò. Mo ní kó la ìdí rẹ̀ ní ojú méjì dípò ojú kan, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ibi kan ṣoṣo tí a kò lè tún ṣe ni iwájú àyà: ó ti fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ líle onígọ́ọ̀mù mọ́ ọn láti òkè délẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé ṣí láì ba aṣọ jẹ́. Ibẹ̀ ṣì ń gbóná mi. Ká ní mo mọ̀, n bá ti ní kó fi mọ sí orí àyà àti ibi bọ́tìnì.

Ṣòkòtò kò gba àlàyé. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó há yín nítan.

Síńgílẹ́ẹ̀tì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi kulẹ̀. Èyí tí kò lápá tí gbogbo wa ń wọ̀ láti kékeré kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí abẹ́ apá gan-an ló fi sílẹ̀. Mo ra mẹ́ta tó lápá, funfun, ọrùn róbótó. Mo ṣí bọ́tìnì òkè, ọrùn wọn yọ jáde. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lé e, etí apá wọn hàn bí ilà tí wọ́n fi ẹfun fà. Ìyàwó mi ló ní ara mi kò funfun, kí ló dé tí mo fi ń fi funfun bò ó? Mo lọ ra àwọ̀ ilẹ̀, òwú fífẹ́lẹ́, ọrùn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó wálẹ̀, ó sì fara mọ́ ara. Lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ kò ní í rí i. Ó fi ooru díẹ̀ kún un, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n òun ló ń mu òógùn kí ó tó kan ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan wà nínú àpò mi tí mo máa ń pààrọ̀ lọ́sàn-án.

Òógùn ṣì ń yọ, ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹta ọdún yìí, àwọn àlejò yẹn tún wá, iná tún lọ, mo sì ka ìròyìn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú kóòtù. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan nípa òjò. Sẹ́fà 141,000 ni gbogbo rẹ̀ ná mi, àti ti àkọ́kọ́ tó ṣì so kọ́ nínú yàrá tí mi ò mọ ẹni tí mo lè fi ta lọ́rẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yí kóòtù kan sódì, ó ń fi ìka tọ́ka sí etí tí wọ́n dì dáadáa, ó ní, "Èyí tí aṣọ inú rẹ̀ kò pé yìí, èmi ni mo gbé e dé àdúgbò yìí. Owó rẹ̀ yàtọ̀." Ó rí mi, ó kí mi tayọ̀tayọ̀, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.