Àpò Tó Wà Nílẹ̀, Àpò Tó Ti Lólúwa, Àpò Tó Ṣeé Tà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ta Oúnjẹ Adìẹ

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ẹ ti ń ta oúnjẹ adìẹ, ìbéèrè yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Oníbàárà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ kú ọjà o. Oúnjẹ léyà yín ku mélòó?” Ẹni tó bá wà nídìí ọjà á bojú wẹ̀yìn wo òkìtì àpò, á kà á wùyẹ̀wùyẹ̀, á sì dárúkọ iye tójú rẹ̀ rí. Iye tójú rí yẹn kọ́ ni ìdáhùn. Ohun tí oníbàárà ń béèrè ni iye àpò tí ẹ lè gbé fún un láìfọwọ́ kan èyí tí ẹlòmíì ti sanwó rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń gbà ka ọjà kan náà. Ọjà tó wà nílẹ̀ ni gbogbo àpò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àti nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ẹni yòówù kó ni ín. Ọjà tó ti lólúwa ni èyí tó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀ tàbí tó ti fi àsansílẹ̀ dè é, tí kò tíì wá gbé e. Ọjà tó ṣeé tà ni ìyókù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èyí tó ti lólúwa àti èyí tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó wà nílẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni ẹ kò lè fọwọ́ kàn kí ẹ sì kà. Ìṣirò ló ń bí i. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń tan èèyàn.

Nínú òwò oúnjẹ adìẹ, ọjà tó ti lólúwa pọ̀ ju bó ṣe pọ̀ nínú òwò ọṣẹ tàbí bisikíìtì lọ. Àgbẹ̀ tó ń sin adìẹ kì í fẹ́ kí owó oúnjẹ gbéra sókè mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí náà bó bá ti ta ẹyin tán, á tiráńsífà owó àpò mélòó kan, á ní òun máa wá kó o bí òun bá rí ọkọ̀. Owó ti wọlé, àpò kò tíì jáde. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àpò oúnjẹ léyà kílò 25 tó wà nílẹ̀ jẹ́ 40. Méjì nínú wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi òjò ti kàn wọ́n, oúnjẹ inú wọn sì ti bu. Àwọn yìí kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni, kódà ní ẹ̀dínwó, nítorí oró tó máa ń wà nínú oúnjẹ tó bu lè ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́. Alàgbà kan ti san owó àpò 12, ó ní òun máa wá lọ́jọ́rú. Ìyá Ìbejì ti fi àsansílẹ̀ de àpò 10, lọ́jọ́rú náà. Àpò tó ti lólúwa wá jẹ́ 22. Ẹ yọ 22 kúrò nínú 40, ẹ tún yọ 2 tó ti bàjẹ́: 16 ló ṣeé tà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin kan wọlé, ó fẹ́ 20. Ọmọ tó wà nídìí ọjà wo òkìtì, ó rí i pé àpò pọ̀, ó gbé 20 fún un, ó sì gbowó. Inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Alàgbà ló kọ́kọ́ dé, ó kó 12 tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àpò tó kù nílẹ̀ jẹ́ 8, méjì tó bu sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Ìbejì dé fún 10, ó bá 6. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n tà fún ní ọ̀nà àìtọ́ ló jìyà, kì í sì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ wá kó tirẹ̀. Ẹni tó wá kẹ́yìn ni. Ní tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ lù ú ní jìbìtì.

Ẹ sì má pe àpò 4 yẹn ní nǹkan kékeré. Adìẹ kan tó ń yé ẹyin máa ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Bí Ìyá Ìbejì bá ní adìẹ 200, wọ́n á jẹ nǹkan bíi kílò 23 lójúmọ́, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi àpò kan. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin ló dín yẹn. Bó bá sì sáré lọ ra oúnjẹ ilé iṣẹ́ míì, tó kàn yí i padà fún wọn lójijì, ẹyin lè dín kù kí ara wọn tó mọ́ ọn.

Bí a ó ṣe máa kọ ọ́ rèé. Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún irú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan: léyà lọ́tọ̀, gírówà lọ́tọ̀, ti òròmọdìẹ lọ́tọ̀. Ẹ fa ìlà sí i kó lè gba déètì, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye tó wà nílẹ̀, iye tó bàjẹ́, iye tó ti lólúwa, àti iye tó ṣeé tà. Àpò ni kí ẹ máa fi kà á látòkè délẹ̀, ẹ má da kílò pọ̀ mọ́ ọn. Àpò tí ẹ ti ṣí láti máa fi kóńgò wọ̀n tà ti kúrò nínú ìwé yìí láti ìgbà tí ẹ ti já okùn rẹ̀.

Ká ní wọ́n ti ń lo ìwé yìí lọ́jọ́ Ajé yẹn, 16 ni ọmọ náà ì bá tà fún ọkùnrin tó fẹ́ 20, ì bá sì sọ fún un pé kó padà wá lọ́la fún ìyókù. Ìlà tí ì bá kọ: nílẹ̀ 24, bàjẹ́ 2, lólúwa 22, ṣeé tà 0. Àpò 24 wà níbẹ̀ tójú ń rí, síbẹ̀ ọjà ti tán. Ibí yìí ló máa ń le jù fún ọmọ iṣẹ́, nítorí oníbàárà á máa nawọ́ sí òkìtì, á ní, “Kí wá nìyí?” Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè dáhùn pé, “Wọ́n ti sanwó ẹ̀, sà.”

Ká tún ní ọkọ̀ já àpò 30 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọkùnrin yẹn kò sì padà wá. Nílẹ̀ di 54, lólúwa ṣì jẹ́ 22, bàjẹ́ 2, ṣeé tà di 30. Lọ́jọ́rú, Alàgbà wá kó 12. Nílẹ̀ di 42, lólúwa di 10. Ṣeé tà ńkọ́? 30 náà ni. Kò yí padà, nítorí àpò 12 yẹn ti jáde kúrò nínú ṣeé tà láti ọjọ́ tó ti sanwó. Ẹ dúró síbí yìí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Ọjọ́ tó sanwó, lólúwa lọ sókè, ṣeé tà sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n nílẹ̀ kò mira. Ọjọ́ tó kó o, nílẹ̀ àti lólúwa jọ wálẹ̀, ṣeé tà ni kò mira. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú nílẹ̀ nígbà méjèèjì ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Ìbejì dé lọ́sàn-án, ó ní 6 lòun lè kó, kí wọ́n dá owó 4 padà fóun. Nílẹ̀ di 36, lólúwa di 0, bàjẹ́ 2, ṣeé tà di 34. Mẹ́rin tó kọ̀ sílẹ̀ ló gbé e láti 30 dé 34.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í wọ inú ṣeé tà rárá. Ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún alágbàtà, tó ń bọ̀ lọ́nà, kò sí nílẹ̀. Ọkọ̀ lè bàjẹ́, ọ̀nà lè dí. Bí ẹ bá fẹ́ gbowó lórí rẹ̀, ẹ sọ fún oníbàárà pé kò tíì dé, kí ẹ sì kọ ọ́ sára risíìtì. Èyí tí ẹ tà láwìn ti lọ, ìwé gbèsè ni ibùgbé rẹ̀.

Ti ẹni tó kàn fi fóònù sọ pé, “Ẹ bá mi fi 5 pamọ́ o,” láìfi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí ẹ má kà á mọ́ lólúwa, àyàfi bó bá jẹ́ ẹni tí kì í jáni kulẹ̀. Bí ẹ bá sì gbà fún un, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kí ẹ dá aago fún un: “Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní.” Aago mẹ́rin lù, ẹ pa á rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, a fi àpò 7 pamọ́ fún ẹnì kan báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. A lé àwọn tó mówó dání padà nítorí rẹ̀. Kò wá rárá.

Ẹ kò nílò láti gbé àpò tó ti lólúwa sọ́tọ̀. Ẹlòmíì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára àpò, ó dáa lójú, ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá pẹ́ kó tó dé, àpò rẹ̀ á ti gbó síbẹ̀ nígbà tí tuntun ń jáde. Iye ni ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe àpò kan pàtó. Ẹni tó bá dé, ẹ kó èyí tó kọ́kọ́ wọlé tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá fún un, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wá kó o sára risíìtì, kó má bàa sọ ṣọ́ọ̀bù yín di ilé ìkẹ́rùsí tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ka nǹkan méjì. Ẹ ka àpò, kó bá nílẹ̀ inú ìwé mu. Ẹ ro iye tó wà lórí gbogbo risíìtì tí wọn kò tíì wá fi kó ọjà pọ̀, kó bá lólúwa mu. Bí àpò tí ẹ kà bá pọ̀ ju ti ìwé lọ, tí iye tó fi jù ú sì bá risíìtì kan mu, bíi 12 gẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́ kúrò nínú nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbowó. Bí àpò bá kéré sí ti ìwé, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnì kan wá kó tirẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti kọ ọ́, tàbí wọ́n tà láwìn láìkọ ọ́, kí ẹ tó fura sí olè.