Bí Mo Ṣe Kọ̀wé Tako Owó Iná Tí Mítà Tó Bàjẹ́ Gbé Lé Wa Lórí

Nígbà tí owó iná ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣàdédé lọ sókè, tí a kò sì fi ohun èlò kankan kún èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀, mo pinnu láti yẹ mítà náà wò kí n tó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná, nítorí pé "owó yìí ti pọ̀ jù" kì í ṣe ẹ̀rí.

Wọ́n kọ 1000 imp/kWh sára mítà náà, èyí tó túmọ̀ sí pé iná pupa kékeré ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú ní ìgbà 1000 fún yúnìítì kan. Mo pa gbogbo nǹkan inú ilé, mo sì tan hítà tí a fi ń se omi, oní-1000 W, fún ìṣẹ́jú 6. Ó yẹ kí iná náà ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 100, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́jú ní ìgbà 163. Iná tó rẹlẹ̀ kò lè fa èyí, nítorí pé bí iná bá rẹlẹ̀, ńṣe ni hítà máa ń fa díẹ̀. (N kò lo áyọ́ọ̀nù, nítorí pé ó máa ń pa ara rẹ̀ bó bá ti gbóná.)

Lẹ́yìn nọ́ńbà àkáǹtì àti ti mítà, mo kọ àbájáde yìí sínú lẹ́tà, mo sì fi ohun tí mo ń fẹ́ parí rẹ̀: "Mo bẹ̀ yín kí ẹ so mítà àyẹ̀wò mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì tún owó náà ṣírò gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ bá rí." Mo san iye tí a máa ń san tẹ́lẹ̀, mo fi rìsíìtì rẹ̀ àti fọ́tò mítà tì í, mo sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí mo mú padà sílé.

Mítà àyẹ̀wò wọn fi irú àṣìṣe kan náà hàn. Wọ́n pààrọ̀ mítà wa, wọ́n sì yọ àlékún náà kúrò nínú owó oṣù tó tẹ̀ lé e.